Ìkìlọ̀ Tí Gbọ́njúbọ́lá Ṣe fún Dorothy

Ní ọdún 1999, bí àgbẹ̀ kan bá ń wá páǹpù rà ní Ẹgbẹ́dá, ìsọ̀ méjì ló lè yà sí. Páǹpù tí à ń wí yìí ni ẹ̀rọ tí àwọn àgbẹ̀ ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n fi ń fín oògùn sí kòkó àti ẹ̀wà. Gbọ́njúbọ́lá, ìyá Rilwan, ló ni ìsọ̀ kan. Dorothy, ìyá Tìmílẹ́hìn, ló ni èkejì. Pákó kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín. Bí ọ̀kan bá ń ná ọjà pẹ̀lú oníbàárà, èkejì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Gbọ́njúbọ́lá kì í ṣe ẹni tí ènìyàn ń yà kí nítorí ọ̀yàyà. Ó ga, ó gbẹ, iye tó bá pe ọjà ni yóò tà á. Ṣùgbọ́n kì í ta ayédèrú. Bí páǹpù tí o rà lọ́wọ́ rẹ̀ bá ń jò, gbé e padà wá, yóò pààrọ̀ rẹ̀ láìjiyàn. Ohun tí àwọn àgbẹ̀ Lágelú àti Ọ̀nà-Àrà fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn, wọn kò wo ti ojú líle.

Ti Dorothy yàtọ̀. Ẹnu rẹ̀ dùn, ẹ̀rín rẹ̀ ń gba ọjà já, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rín bú ènìyàn tí ẹni náà kò fi ní rí ibi mú. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí àwọn méjèèjì ti ń jókòó síbẹ̀. Wọn kì í ṣe ọ̀rẹ́, wọn kò sì tíì di ọ̀tá. Ọdún yẹn ni wọ́n di ọ̀tá.

Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kan wá sí ìsọ̀ Gbọ́njúbọ́lá. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó so táì, ó ní orúkọ òun ni Rufus. Ó ní ilé iṣẹ́ òun ní Èkó ń kó páǹpù wọlé tààrà láti ilẹ̀ òkèèrè, pé bí ìyá bá lè san àsansílẹ̀ ìdajì owó sí báńkì, iye tí wọ́n máa tà á fún un kò ní tó ohun tí àwọn alágbàtà ń gbà.

Gbọ́njúbọ́lá kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ní, “Ta ló mọ̀ yín? Ta ni mo lè bèèrè yín lọ́wọ́ rẹ̀?”

Rufus rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó fa káàdì yọ. “Ẹ bèèrè wa lọ́wọ́ gbogbo ayé, màmá. A ní wẹ́ẹ̀bùsáìtì. Ojú ewé wa wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ní kí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá yín ṣí i.”

Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ẹgbẹ́dá kò tíì rí kọ̀ǹpútà sójú, ká má tíì sọ íńtánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n Gbọ́njúbọ́lá lọ. Ó wọ mọ́tò dé Bódìjà, níbi tí wọ́n ti ń sanwó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ní kí ẹni tó wà níbẹ̀ bá òun ṣí ohun tó wà lára káàdì. Ilé ńlá yọ lójú ẹ̀rọ, páǹpù tò lọ bẹẹrẹ, nọ́ńbà tẹlifóònù wà nísàlẹ̀. Ó da nọ́ńbà náà kọ, ó lọ sanwó pe wọ́n. Obìnrin olóhùn jẹ́jẹ́ kan ló gbé e. “Bẹ́ẹ̀ ni, màmá, ọmọ iṣẹ́ wa ni Rufus.”

Inú rẹ̀ dùn délé. Lójú tirẹ̀, ó ti ṣe ìwádìí bí ìyá tó fẹ́ fi ọmọ fọ́kọ ṣe ń ṣe é. Áà, kò ṣe é! Ta ló ń ṣe ìwádìí ọkọ ọmọ lẹ́nu ọkọ ọmọ? Àdúgbò là ń lọ. Àwọn tí wọ́n jọ ń pọn omi nínú kànga kan náà là ń bi léèrè. Gbọ́njúbọ́lá mọ èyí bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n dídán ojú ẹ̀rọ yẹn gbé e lọ. Káàdì Rufus ló júwe ilé Rufus fún un, inú ilé Rufus ló ti rí nọ́ńbà tó pè, ará ilé Rufus ló sì bá a sọ̀rọ̀.

Ó san àsansílẹ̀. Páǹpù kò dé. Nígbà tí yóò fi padà lọ sí Bódìjà, ojú ewé náà ti pòórá, nọ́ńbà kò sì lọ mọ́. Owó tó fi ń yí ọjà rẹ̀ ló bá a lọ, pẹ̀lú èyí tó yá kún un. Odindi àsìkò òjò àkọ́kọ́ ló fi jókòó ti àdá àti ọkọ́, kò ní páǹpù kan láti gbé kọ́.

Àwọn obìnrin ọjà kí i kú ìyà. Dorothy náà kí i, ó tilẹ̀ káwọ́ lérí. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi sọ ọ́ ní Ìyá Íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí àgbẹ̀ bá ń bèèrè páǹpù ní ìsọ̀ Gbọ́njúbọ́lá, Dorothy á pariwo láti ìhà kejì pákó pé, “Bàbá, ẹ máa bọ̀ níbí o! Tìyẹn ṣì wà lójú afẹ́fẹ́, kò tíì balẹ̀!” Gbogbo ọjà á bú sẹ́rìn-ín. Gbọ́njúbọ́lá náà á máa wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ìyẹn ì bá ṣeé gbé mì. Ẹni tó ń tajà kò gbọdọ̀ ní awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n nínú oṣù karùn-ún, àwọn ènìyàn kan wá láti Akínyẹlé. Ọmọ wọn fẹ́ fẹ́ Nimotallahi, ọmọbìnrin Gbọ́njúbọ́lá. Wọ́n ṣe bí àgbà ṣe ń ṣe, wọn kò kọ́kọ́ wá sílé. Ọjà ni wọ́n gbà wá láti bèèrè irú ìyá tí ọmọ náà ní, ẹni tó sì jókòó súnmọ́ ìyá náà jù ni wọ́n bi.

Dorothy kò parọ́ mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká sọ òdodo, kò parọ́ ẹyọ kan. Ó kàn mí kanlẹ̀ ni. Ó ní, “Ìyá dáadáa ni. Àfi ti gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀ yìí. Ẹ mọ̀ pé wọ́n lù ú ní jìbìtì? Tó bá jẹ́ pé ọkọ ọmọ ni yóò máa bá a san án ńkọ́, èmi ò mọ̀ o.” Àwọn ará Akínyẹlé dúpẹ́, wọ́n lọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbúròó wọn mọ́. Nimotallahi sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ẹni tó ń ta iyọ̀ lódìkejì ló wá ta Gbọ́njúbọ́lá lólobó ohun tí Dorothy sọ.

Gbọ́njúbọ́lá kò bá a jà. Kò tilẹ̀ bi í léèrè. Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí Dorothy káàárọ̀ kí Dorothy tó kí i.

Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Morónikẹ́, akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn kan lẹ́yìn ìlú. Ọwọ́ Gbọ́njúbọ́lá ló ti máa ń ra àdá fún ọ́fíìsì wọn, ìjọ kan náà lòun àti Dorothy sì ń lọ. Òun ni Gbọ́njúbọ́lá tọ̀ lọ. Ó ní, “Morónikẹ́, mo wo ojú ewé yẹn kí n tó sanwó. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?”

“Ẹ wò ó lóòótọ́, màmá,” ni Morónikẹ́ wí. “Ẹ ò wo ẹ̀yìn rẹ̀ ni. Ẹnikẹ́ni tó bá lówó díẹ̀ ló lè kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì láàárín ọjọ́ kan. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ ní Sátidé.”

Ní Bódìjà, Morónikẹ́ fi hàn án pé wẹ́ẹ̀bùsáìtì tó bá ní orúkọ tirẹ̀, ẹnìkan ló lọ fi orúkọ náà sílẹ̀ níbìkan. Ìwé orúkọ yẹn wà fún gbogbo ayé láti wò, ó sì ń sọ ẹni tó fi í sílẹ̀ àti ọjọ́ tó fi í sílẹ̀. Ó fi bí wọ́n ṣe ń wá ọjà kan hàn án láìgba ọwọ́ ẹni tó ń tà á, kí ó lè rí ohun tí àwọn ẹlòmíràn wí. Ó ní bí ènìyàn bá fẹ́ pe ilé iṣẹ́, kó má ṣe pe nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ náà fún un, kó lọ wá nọ́ńbà láti ibòmíràn. Gbọ́njúbọ́lá kò lè ka Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn yé e ju bó ṣe yé ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé lọ, nítorí ìwádìí tí à ń ṣe kí ọmọ tó lọ sílé ọkọ náà ni. Ó jókòó, ó kọ́ ọ, ó ní kí Morónikẹ́ tún un ṣe lójú òun títí ó fi mọ́ ọn lára.

Nígbà tó di oṣù kẹjọ, tí àwọn àgbẹ̀ ń gbin ẹ̀wà, tí wọ́n sì ti ń wá páǹpù kiri, ọkùnrin mìíràn dé. Dàda ni ó pe ara rẹ̀. Ìsọ̀ méjèèjì ló yà sí, ó fún obìnrin méjèèjì ní ìwé aláwọ̀ mèremère. Ọ̀rọ̀ náà bá ti àkọ́kọ́ mu: ó ti pé ọgbọ̀n ọdún tí ilé iṣẹ́ wọn ti wà, owó pọ́ọ́kú ni páǹpù, àsansílẹ̀ ìdajì, kí wọ́n sì wo wẹ́ẹ̀bùsáìtì.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Gbọ́njúbọ́lá mú ìwé náà, ó di ọ̀dọ̀ Morónikẹ́, wọ́n sì jọ padà sí Bódìjà. Wọ́n wo ìwé orúkọ, wọ́n rí i pé oṣù tó kọjá ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi orúkọ wẹ́ẹ̀bùsáìtì náà sílẹ̀.

Gbọ́njúbọ́lá ní, “Olè ni.”

“Ẹ ṣe sùúrù, màmá. Ìyẹn nìkan ò tó. Ilé iṣẹ́ àgbà pọ̀ tó jẹ́ pé ọdún yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì.”

Wọ́n bá wá orúkọ tó wà lára páǹpù náà fúnra rẹ̀. Ó gbé wọn dé ojú ewé àwọn tó ń ṣe é ní ìlú òyìnbó. Gbogbo àwòrán Dàda ló wà níbẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ tó kọ ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà nìkan ló yàtọ̀. Wọ́n jí i dà kọ ni. Morónikẹ́ kọ ímeèlì sí àwọn tó ń ṣe páǹpù, nígbà tí wọ́n sì padà wá ní Sátidé tó tẹ̀lé e, èsì ti dé. Wọn kò mọ Dàda, wọn kò mọ ilé iṣẹ́ rẹ̀. Aṣojú kan ṣoṣo ni wọ́n ní ní Nàìjíríà, nọ́ńbà rẹ̀ nìyí. Gbọ́njúbọ́lá pe aṣojú náà ní Èkó. Ìyẹn ní kó wá, kó fojú rí páǹpù kó tó sanwó, òun ò gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí òun ò mọ̀. Ó ní àwọn Dàda yẹn ti lu àwọn ènìyàn ní jìbìtì ní Ìlọrin.

Bí wọ́n ṣe ń jáde níbẹ̀, Morónikẹ́ ní, “Wọ́n ní Mummy Tìmílẹ́hìn náà ti ń gba owó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ láti fi san fún un. Ọ̀la ọjọ́ Ìsinmi, a ó jọ pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún wọn.”

Gbọ́njúbọ́lá dúró lẹ́bàá títì. Ó mọ̀ dájú pé bí Morónikẹ́ bá sọ ọ́, Dorothy á gbọ́. Dorothy bọ̀wọ̀ fún ẹni tó mọ̀wé, ẹni tí kò jẹ mọ́ ìjà ọjà.

“Má yọ ara rẹ lẹ́nu,” ló wí. “Ẹ̀gbẹ́ ara wa ni ìsọ̀ wa wà. Èmi fúnra mi ni n óò sọ fún un.”

Ó sì sọ ọ́. Kò sí ẹni tó lè ní kò sọ ọ́. Ọ̀nà tó gbà sọ ọ́ ló kù. Ó lè rọra yọjú lẹ́yìn pákó lówùúrọ̀ pé, ìyá Tìmílẹ́hìn, jọ̀wọ́, gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dúró de ọjọ́ ọjà, ó dúró de ọ̀sán gangan nígbà tí èrò pọ̀ bí eṣú, ó wá dìde, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sí ìbàdí.

“Dorothy! Olè ni Dàda tí o fẹ́ fi owó olówó fún. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Má san kọ́bọ̀ fún un. Ẹ̀yin ará ọjà, ẹ jẹ́rìí mi o, mo ti kì í nílọ̀!”

Ká ní ibẹ̀ ló parí rẹ̀ sí, bóyá Dorothy ì bá rò ó wò. Ṣùgbọ́n Gbọ́njúbọ́lá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò rín láti oṣù karùn-ún, ó fi kún un pé, “Èmi ti mọ ibi tí ojúlówó rẹ̀ wà. Èmi nìkan ni n óò máa ta páǹpù ní ọjà yìí. Ìwọ, jókòó ti àdá.”

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ojú Dorothy yí padà. Ó na ìka.

“Ẹ ò rí i? Ẹ ò rí i báyìí? Òun nìkan ló fẹ́ dá a jẹ! Wọ́n lu ìwọ ní jìbìtì, ìwọ wá ń fi tìrẹ kọ́ mi? Ìyá Íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ti pẹ́ jù fún ọ!”

Ọjà rẹ́rìn-ín. Gbọ́njúbọ́lá jókòó pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, Dorothy ti wà ní ẹnu ọ̀nà báńkì, ó ń sáré kí ìyá Rilwan má baà ṣáájú rẹ̀. Owó tirẹ̀ ló kọ́kọ́ kà kalẹ̀, ó wá ka tàwọn àgbẹ̀ lé e.

Kí ló tún kù láti sọ? Dàda wọlẹ̀. Ẹ̀wà ń yọ òdòdó lóko, kòkòrò dé bá a, páǹpù kò dé. Àwọn àgbẹ̀ dúró, wọ́n dúró títí, nígbà tó yá wọ́n wá. Wọn kò bú u. Wọ́n kàn kó àdá rẹ̀, wọ́n kó ọkọ́ rẹ̀, wọ́n tú páànù òrùlé ìsọ̀ rẹ̀, wọ́n ní kò tíì tó. Bàbá kan tí gbogbo ẹ̀wà rẹ̀ ti bàjẹ́ jókòó sílẹ̀ níwájú ìsọ̀ náà, ó ń sunkún bí ọmọdé. Àwọn tí owó ṣẹ́ kù sí lọ́wọ́ nínú wọn kọjá sí ìhà kejì pákó, wọ́n lọ ra páǹpù lọ́wọ́ Gbọ́njúbọ́lá, ẹni tó ti fi owó àjọ lọ kó díẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ aṣojú ní Èkó. Ó tà á fún wọn. Iye tó pè é náà ló tà á.

Gbogbo ọjà ń yìn ín. Wọ́n ní awífúnni kó tó dáni, àgbà ìjàkadì ni, wọ́n ní ọkàn rẹ̀ mọ́, pé lẹ́yìn gbogbo ohun tí Dorothy ṣe fún un, ó ṣì kì í nílọ̀ ní gbangba. Ìyálọ́jà tilẹ̀ pàṣẹ pé láti ìsinsìnyí lọ, ẹnikẹ́ni tí oníṣòwò àlejò bá fi wẹ́ẹ̀bùsáìtì lọ̀, kó kọ́kọ́ mú un wá fún ìyá Rilwan kó bá a wádìí rẹ̀ kó tó fi owó sílẹ̀. Gbọ́njúbọ́lá tẹrí ba, ó ní kò tọ́pẹ́.

Morónikẹ́ nìkan ni kò yìn ín. Ó wá ra àdá, ó ní, “Màmá, ṣé ẹ sọ fún Mummy Tìmílẹ́hìn pé èmi àti ẹ̀yin la jọ wò ó? Ṣé ẹ sọ pé àwọn tó ń ṣe páǹpù fúnra wọn ló fèsì?” Gbọ́njúbọ́lá ń wá ṣéńjì nínú àpò, ó ń wá a títí. Morónikẹ́ gba ṣéńjì rẹ̀, kò sì padà wá ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òòrùn ń ràn wọ inú ìsọ̀ tí kò ní òrùlé mọ́ yẹn, Dorothy jáde síta, ó kúnlẹ̀ níwájú Gbọ́njúbọ́lá lójú gbogbo ọjà. Ó ti rù. Ohùn rẹ̀ tó máa ń gba ọjà já kò ju ti aláìsàn lọ.

“Ìyá Rilwan, ẹ forí jì mí,” ló wí. Kò pè é ní ẹ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra. “Ẹ bá mi bẹ àwọn àgbẹ̀. Ilé bàbá àwọn ọmọ mi ni wọ́n ní ó kàn. Ẹ̀yin kì mí nílọ̀, etí ikún ni mo kọ sí i. Àbámọ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ. Ká ní ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́ ọ, ẹnikẹ́ni, ǹ bá gbà.”

“Mo mọ̀,” ni Gbọ́njúbọ́lá wí.

Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Àwọn obìnrin tó dúró yí wọn ká kò fura, wọ́n ń ṣe pẹ̀lẹ́, wọ́n ń nu ojú. Ṣùgbọ́n Dorothy gbé orí sókè láti orí eékún rẹ̀, ó sì wo ojú Gbọ́njúbọ́lá fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde fúnra rẹ̀, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára ìró, ó sì wọ inú ìsọ̀ rẹ̀ lọ jókòó sínú òòrùn.